Fáìlì ńlá tó ń já lójú ọ̀nà: ẹ̀kìstẹ́ńṣọ̀n, dáúnlóòdù mánéjà, àbí kọmáńdì?

Mojí_Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ dáúnlóòdù ni mo gbé wá. Mo forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ kan lórí ayélujára, wọ́n wá kó gbogbo fídíò ẹ̀kọ́ náà sínú fáìlì síìpù kan ṣoṣo, 5.8 GB, àfi kéèyàn kọ́kọ́ fi páásíwọ́ọ̀dù wọlé sórí sáìtì wọn kó tó rí bọ́tìnì tó máa tẹ̀. Windows 11 ló wà lórí láptọ́ọ̀pù mi, Chrome ni mò ń lò. Wàhálà ibẹ̀ ni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì mi kì í dúró sójú kan, á wá, á lọ, tí fáìlì yẹn bá ti wọlé tó nǹkan bíi 3 GB báyìí Chrome á kàn kọ Failed, tí mo bá sì padà lọ tẹ bọ́tìnì yẹn láti òdo ló tún ń bẹ̀rẹ̀, dátà á sì ti lọ lásán.

Ẹnì kan ní kí n wá ẹ̀kìstẹ́ńṣọ̀n sínú Chrome, òmíràn ní rárá, dáúnlóòdù mánéjà gidi ni kí n fi sórí Windows, ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan tún ní kí n gbàgbé gbogbo ìyẹn kí n kọ́ kọmáńdì, pé ìlà kan péré ni. Mi ò lo ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí. Èwo ni kí n mú, kí sì nìdí ẹ̀?

Fẹ́mi_Kíákíá

Má wulẹ̀ ro ó jìnnà jàre. Fi Firefox sórí láptọ́ọ̀pù ẹ, kó o wá fi DownThemAll sínú ẹ̀, ẹ̀kìstẹ́ńṣọ̀n ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Ó máa gé fáìlì yẹn sí ọ̀nà mẹ́wàá, á máa fa gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọ̀nà bá ṣe pọ̀ tó náà ló ṣe máa yára tó. Tó bá wá jẹ́ pé mánéjà lo fẹ́, wá èyí tó lè gé e sí 32. Kọmáńdì, ti àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà nìyẹn, kì í ṣe ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Túnjí_Àgbà

Fẹ́mi, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ẹ, àmọ́ òótọ́ ìgbà kan ni. DownThemAll máa ń gé fáìlì lóòótọ́, kí Firefox 57 tó jáde lóṣù kọkànlá ọdún 2017. Ìgbà yẹn ni Firefox yí ọ̀nà tí ẹ̀kìstẹ́ńṣọ̀n ń gbà ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀ padà, wọ́n ní láti tún DownThemAll kọ, èyí tó wà níta báyìí sì ń gbé iṣẹ́ lé búráúsà fúnra ẹ̀ lọ́wọ́ ni, kì í gé fáìlì mọ́. Ibi tó ti wúlò gan-an ni kéèyàn rí ojú ìwé tí línkì kún inú ẹ̀, bíi PDF ogójì, kó sì fẹ́ kó gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Fún fáìlì ńlá kan ṣoṣo tó ń já, kò lè ṣe ju ohun tí Firefox fúnra ẹ̀ lè ṣe lọ.

Mojí, kó o tó mú irinṣẹ́ kankan, ohun kan wà tó yẹ kó o kọ́kọ́ mọ̀. Irinṣẹ́ kọ́ ló ń pinnu bóyá fáìlì máa tẹ̀síwájú níbi tó ti já, sáfà tí fáìlì yẹn wà lórí ẹ̀ ni. Irinṣẹ́ tìẹ kàn ń sọ fún sáfà pé mo ti ní báìtì báyìí báyìí lọ́wọ́, fún mi ní ìyókù. Sáfà tó bá gbà máa fi nọ́ńbà 206 dáhùn, á sì bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀. Èyí tí kò gbà máa fi 200 dáhùn, ìyẹn ni pé odidi fáìlì láti òdo ló ń kó bọ̀, kò sì sí mánéjà tàbí kọmáńdì tó lè fi agbára yí i lérò padà, ì báà jẹ́ èyí tí wọ́n ń tà lówó gọbọi.

Torí náà Chrome tó wà lọ́wọ́ ẹ yẹn ni kó o fi dán an wò. Bẹ̀rẹ̀ dáúnlóòdù náà, jẹ́ kó wọlé tó bíi 200 MB, lọ sí `chrome://downloads`, tẹ Pause, dúró bí ìṣẹ́jú márùn-ún, kó o wá tẹ Resume. Tẹjú mọ́ nọ́ńbà tó wà níbẹ̀. Tó bá ń lọ láti 200 yẹn, ó jọ pé sáfà gbà. Tó bá já wálẹ̀ sí òdo, kò gbà. Kó o tún wò ó bóyá Chrome mọ àpapọ̀ fáìlì náà, ìyẹn ni pé ṣé ó ń kọ iye tó ti wọlé nínú 5.8 GB, àbí iye tó ti wọlé nìkan ló ń kọ. Tí kò bá mọ àpapọ̀ ẹ̀, àmì tí kò dáa nìyẹn.

Ìyá_Bọ́lá

Ẹ ṣeun o ẹ̀yin ọmọ. Tèmi náà nìyẹn gẹ́lẹ́, ó máa ń já. Mo ti lo mánéjà, mo ti lo búráúsà, ibì kan náà ni gbogbo wọn ń kú sí, tó bá ti tó 4 GB báyìí ó parí nìyẹn, wọ́n á ní kò sí àyè mọ́. Bẹ́ẹ̀ fíláàṣì 64 GB ni mò ń kó o sí tààrà, kò sì sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Ṣé sáfà ni àbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì?

Túnjí_Àgbà

Mà, tiyín yàtọ̀ sí ti Mojí o. Kì í ṣe sáfà, kì í sì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì, fíláàṣì yín ni. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń já kì í mọ ibi kan náà já, òní 1 GB, ọ̀la 3 GB. Èyí tó bá ń kú sí 4 GB nígbà gbogbo, FAT32 ni wọ́n fi tò ó, FAT32 ò sì lè gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá tó 4 GB, bó ti wù kí àyè ibẹ̀ pọ̀ tó. Ẹ ṣí This PC, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ fíláàṣì náà, ẹ mú Properties, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ síwájú File system. Tó bá jẹ́ FAT32, ẹ kó ohun tó bá wà nínú ẹ̀ síbòmíràn, kí ẹ wá fọ́ọ̀mátì ẹ̀ sí exFAT. Fọ́ọ̀mátì máa nu gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ o mà, ẹ má jẹ́ kó bá yín lójijì.

Láídé_Ìlàkan

Mo fẹ́ gbèjà kọmáńdì díẹ̀, torí kò le tó bí Fẹ́mi ṣe ń sọ ọ́ yẹn. curl, kọmáńdì tó ń fa fáìlì látorí ayélujára, ti wà nínú Windows láti ìgbà Windows 10 1803, Mojí ò ní fi nǹkan kan sórí láptọ́ọ̀pù ẹ̀. Ìdánwò tí Ẹ̀gbọ́n Túnjí ní kó ṣe yẹn, curl lè ṣe é láìná dátà tó pọ̀. Ṣí Command Prompt, fi línkì tìẹ rọ́pò èyí tó wà níbí:

```
curl.exe -s -r 0-99 -o idanwo.bin -D - "https://example.com/eko.zip?id=7&src=web"
```

Báìtì 100 àkọ́kọ́ nìkan lò ń tọrọ lọ́wọ́ sáfà, curl á sì kọ èsì tí sáfà fọ̀ sójú ẹ. Tó o bá rí 206 Partial Content, tó o sì rí ìlà kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Content-Range, sáfà gbà. Tó bá jẹ́ 200, tí kò sì tètè parí, odidi fáìlì ló ti ń kó bọ̀ yẹn, tẹ Ctrl+C kó o dá a dúró.

Jọ̀ọ́ má yọ àmì méjì tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí línkì yẹn o. Ibẹ̀ ni kọmáńdì ti máa ń sú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ línkì ló ní & nínú, tí àmì méjì ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí yẹn ò bá sì sí, Command Prompt á rò pé kọmáńdì méjì lo kọ, á gé línkì ẹ níbi & yẹn, á wá máa sọ pé 'src' is not recognized, ìwọ á sì rò pé curl ló bàjẹ́.

Mojí_Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ ṣé gan-an. Mo ti ṣe méjèèjì. Ti Chrome, mo tẹ Pause ní 214 MB, nígbà tí mo tẹ Resume ó ń lọ látibẹ̀, ó sì ń kọ 5.8 GB síwájú ẹ̀. Inú mi ti ń dùn. Àmọ́ ti curl, mo fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ bọ́tìnì yẹn, mo kọ́pì línkì ẹ̀, mo fi àmì méjèèjì sí i, ohun tí mo rí rèé:

```
HTTP/1.1 302 Found
Location: /login
```

Kò sí 206, kò sí 200. Èwo wá ni kí n gbà gbọ́ nínú méjèèjì?

Fẹ́mi_Kíákíá

Ìyẹn rọrùn. Tẹ F12 nínú Chrome, lọ sí Network, tẹ bọ́tìnì dáúnlóòdù yẹn, fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ ìlà tó bá jáde, wá Copy, lẹ́yìn náà Copy as cURL, kó o lẹ̀ ẹ́ síbí kí àwa náà lè wò ó.

Túnjí_Àgbà

Mojí, jọ̀ọ́ má lẹ̀ ẹ́ síbí o! Ohun tí Copy as cURL ń kó jáde, kúkì ẹ wà nínú ẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá sì ní in lọ́wọ́ lè wọ àkáǹtì ẹ láìmọ páásíwọ́ọ̀dù. Fẹ́mi, mo mọ̀ pé o ò ní in lọ́kàn bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ ká máa kìlọ̀ fáwọn tí kò mọ̀.

Èsì méjèèjì ló tọ̀nà, Mojí. Chrome ti wọlé pẹ̀lú páásíwọ́ọ̀dù ẹ, sáìtì sì ti fún un ní kúkì, ìyẹn dà bí àmì tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ èèyàn lọ́wọ́ lẹ́nu géètì, gbogbo ìgbà tí Chrome bá padà lọ ló ń fi àmì yẹn hàn wọ́n. curl ò ní àmì kankan lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dá a padà sí /login. Mánéjà tó bá dá dúró, tó o kàn lẹ línkì bọ́tìnì yẹn sínú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n máa ṣe fún un, ohun tó sì burú jù níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn á dáúnlóòdù ojú ìwé login yẹn, wọ́n á sọ ọ́ ní eko.zip, wọ́n á ní àwọn ti parí. Bí èèyàn ṣe máa dá a mọ̀ ni pé ìṣẹ́jú àáyá kan ló fi parí, ìwọ̀n ẹ̀ ò ju KB díẹ̀ lọ, tó bá sì fẹ́ ṣí i wọ́n á ní síìpù náà ti bàjẹ́. Fi Notepad ṣí i, wàá rí `<!DOCTYPE html>` lókè pátápátá. Kò sóhun tó bàjẹ́, ojú ìwé ayélujára ni.

Ibi tí mo ti máa ya ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ fún ẹ rèé. Ẹ̀kìstẹ́ńṣọ̀n, oríṣi méjì ni, àwọn èèyàn ò sì máa ń sọ ọ́. Oríṣi kan ń ṣiṣẹ́ nínú búráúsà, bíi DownThemAll, tó o bá ti pa búráúsà, iṣẹ́ dúró. Oríṣi kejì kì í dáúnlóòdù nǹkan kan fúnra ẹ̀, alágbàtà ni, tó o bá tẹ bọ́tìnì nínú Chrome, á gba línkì náà pẹ̀lú kúkì ẹ̀, á gbé méjèèjì lé mánéjà tó wà lórí kọ̀ǹpútà lọ́wọ́. Fún fáìlì ńlá tó wà lẹ́yìn páásíwọ́ọ̀dù, lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń já, mánéjà pẹ̀lú alágbàtà yẹn ni mo máa ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ mú. Free Download Manager ni kó o gbé, ọ̀fẹ́ ni, láti orí sáìtì tiwọn gangan ni kó o ti mú un, má gbà á lọ́wọ́ àwọn sáìtì tó ń kó ètò oníṣòro mọ́ ètò. Lẹ́yìn ẹ̀ kó o wá fi ẹ̀kìstẹ́ńṣọ̀n tiwọn sínú Chrome.

Ìdí kan ṣoṣo tí mi ò fi ní kó o dúró sórí Chrome, nígbà tí Chrome náà mọ Resume lò, ni pé línkì irú sáìtì bẹ́ẹ̀ máa ń kú. Tó o bá tẹ bọ́tìnì, wọ́n á wo kúkì ẹ, wọ́n á wá fún ẹ ní línkì òòjọ́ tí wọ́n ti dá àkókò fún, wákàtí kan, wákàtí mẹ́fà, ó wà lọ́wọ́ wọn. Tí àkókò yẹn bá pé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì já, línkì ọwọ́ Chrome ti di òkú, Chrome ò sì ní ibi tó o ti lè sọ fún un pé línkì tuntun rèé, ìdajì tá a ní lọ́wọ́ ni kó o fi tẹ̀síwájú. Mánéjà ní ibẹ̀. Mo gbà pé ohun tó ń pa fáìlì tìẹ nìyẹn.

Sàlámì_Ọlọ́gbọ́n

Ọ̀rọ̀ yín dáa ẹ̀gbọ́n, àmọ́ èmi ò fara mọ́ ẹ̀kìstẹ́ńṣọ̀n yẹn o. Kéèyàn ka ohun tí Chrome máa bi í kó tó fi í sílẹ̀, ohun tó sábà máa ń wà níbẹ̀ ni Read and change all your data on all websites. Gbogbo sáìtì o, tó fi mọ́ ti báǹkì. Ẹ sì rántí The Great Suspender, ẹ̀kìstẹ́ńṣọ̀n tí àwọn èèyàn fẹ́ràn, ẹni tó ṣe é gbé e fún ẹlòmíràn ní 2020, nígbà tó di oṣù kejì 2021 Google yọ ọ́ kúrò nínú Chrome pé ohun aṣebi wà nínú ẹ̀. Àwọn tó fi í sílẹ̀ nígbà tó dáa kọ́ ni wọ́n ṣi í yàn, ọwọ́ ló yí padà lẹ́yìn wọn. Tèmi, kéèyàn kọ́ curl, ó tán.

Túnjí_Àgbà

Mi ò lè bá ẹ jiyàn lórí ìyẹn, Sàlámì, ohun tó o sọ ṣẹlẹ̀. Ohun tí mo lè sọ ni pé Mojí lè lọ sí `chrome://extensions` kó máa pa á tí kò bá ń dáúnlóòdù nǹkan kan, kó sì tàn án tó bá fẹ́ lò ó. Ẹ̀kìstẹ́ńṣọ̀n tí wọ́n ti pa kò lè ka nǹkan kan. Àmọ́ curl pẹ̀lú kúkì, fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀? Tí línkì bá kú ní 3 GB, ó máa tún padà wá kó kúkì mìíràn látinú F12, tí àmì kan bá sì yẹ̀ níbẹ̀ ó ti di ìjà.

Láídé_Ìlàkan

Kò fi dandan nílò kúkì, ẹ̀gbọ́n. Línkì òòjọ́ yẹn fúnra ẹ̀ ti gbé àṣẹ dání, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dá àkókò fún un. Tó bá ti lè rí línkì yẹn kọ́pì, èyí tó gùn gbọọrọ tó máa ń ní Expires tàbí Signature nínú, kì í ṣe ti bọ́tìnì, ìlà kan yìí ti tó:

```
curl.exe -f -L -C - -o eko.zip "https://example.com/eko.zip?Expires=..."
```

`-C -` ló ń sọ pé kó wo ìwọ̀n eko.zip tó wà nílẹ̀ kó sì tẹ̀síwájú látibẹ̀. `-f` yẹn ẹ má fò ó o, òun ló ń jẹ́ kí curl dákẹ́ tí sáfà bá fi ọ̀rọ̀ àṣìṣe dáhùn, dípò kó lọ kọ ọ̀rọ̀ àṣìṣe yẹn sínú fáìlì. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já? Tẹ kọ́kọ́rọ́ ọfà òkè, ìlà yẹn á padà wá, tẹ Enter. Línkì kú? Kọ́pì tuntun, fi rọ́pò ti àtijọ́, má yí eko.zip padà. Tí sáfà ò bá gbà rárá, curl á kọ nọ́ńbà 33, á sì sọ fún ẹ pé kò lè tẹ̀síwájú.

Fẹ́mi_Kíákíá

Ó dáa, mo gbọ́ ti DownThemAll yẹn. Àmọ́ kí Mojí fi mánéjà ẹ̀ sí 32 ṣá, ìyẹn mo mọ̀ dájú pé ó ń yára. Tó bá sì já, kó fi curl Láídé parí ìyókù.

Túnjí_Àgbà

Rárá o, má da méjèèjì pọ̀, fáìlì á bàjẹ́ ni. Mánéjà tó ń gé fáìlì sábà máa ń gba àyè gbogbo fáìlì náà sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, á wá máa fi ọ̀nà kọ̀ọ̀kan kún un, ti iwájú, ti àárín, ti ẹ̀yìn. Nígbà tó bá já, fáìlì náà lè ní ìwọ̀n 5.8 GB lójú, bẹ́ẹ̀ ihò ló kún inú ẹ̀. curl ìwọ̀n nìkan ló ń wò, á rí 5.8, á ní iṣẹ́ ti tán. Ohun tó bá bẹ̀rẹ̀ fáìlì ni kó parí ẹ̀. Èyí tí curl lè bá parí ni fáìlì tó ń wọlé ní ọ̀nà kan ṣoṣo láti iwájú lọ sẹ́yìn, bí Chrome ṣe sábà máa ń ṣe é. Tó bá ṣì wà ní Pause, èèyàn lè kọ́pì fáìlì .crdownload ẹ̀ sí fóldà mìíràn, kó sọ ọ́ ní eko.zip, kó wá fi ìlà Láídé tẹ̀ lé e.

Lórí iye ọ̀nà, ó máa ń yára tó bá jẹ́ pé sáfà ló ń fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní díẹ̀díẹ̀. Tó bá jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tìẹ ló tẹ́ẹ́rẹ́, gé e sí ọgọ́rùn-ún, iye kan náà ni wọ́n á pín láàárín ara wọn. Àwọn sáfà kan sì máa ń bínú tí ọ̀nà bá ti pọ̀ jù, wọ́n á fi 429 tàbí 503 dáhùn. aria2 tó gbajúmọ̀ láàárín àwọn oníkọmáńdì fúnra ẹ̀ kì í gbà ju 16 lọ sí sáfà kan. Mojí, fi tìẹ sí 4, tó bá ń kọ̀ mú un wá sí 1.

Mojí_Akẹ́kọ̀ọ́

Mo ti gba mánéjà o. Mo fi Free Download Manager síbẹ̀ àti ẹ̀kìstẹ́ńṣọ̀n ẹ̀, mo wọlé sórí sáìtì nínú Chrome, mo tẹ bọ́tìnì, fèrèsé mánéjà ṣí fúnra ẹ̀, 5.8 GB ló kọ síbẹ̀, mo mọ̀ pé kì í ṣe ojú ìwé login. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já láàárín, ó dúró, ó tún ń lọ nígbà tó padà dé. Àmọ́ ní báyìí ó wà ní 3.4 GB, ó kọ 403 síbẹ̀, mo tẹ ẹ́ kó máa lọ ó kọ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ṣé kí n pa á rẹ́ kí n tún bẹ̀rẹ̀?

Túnjí_Àgbà

Má pa á rẹ́! Línkì tó kú tí mò ń wí nìyẹn, 403 yẹn ni pé sáfà mọ fáìlì tó ò ń béèrè, kò kàn fẹ́ fún ẹ pẹ̀lú línkì ọwọ́ ẹ ni. Fi ti 3.4 GB yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà. Padà sí Chrome, tún sáìtì náà ṣí, tún wọlé tó bá ní kó o wọlé, tẹ bọ́tìnì yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Fèrèsé tuntun tí mánéjà máa ṣí, má gbà á, línkì tó wà nínú ẹ̀ ni kó o kọ́pì, kó o wá pa fèrèsé yẹn. Lọ sórí ti àtijọ́, fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ ẹ́, wá ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ línkì, lẹ tuntun síbẹ̀, kó o ní kó máa lọ. Tẹjú mọ́ nọ́ńbà ẹ̀, láti 3.4 ló gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Mojí_Akẹ́kọ̀ọ́

Ó ń lọ!! Láti 3.4 ló ti bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́.

[lẹ́yìn náà] Ó ti parí o, ẹ ṣé, ẹ ṣé púpọ̀. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kò sí ihò tí Ẹ̀gbọ́n Túnjí sọ yẹn nínú ẹ̀? Sáìtì wọn ò kọ nọ́ńbà SHA256 kankan síbẹ̀ tí mo lè fi wò ó.

Láídé_Ìlàkan

Síìpù máa ń gbé ẹ̀rí tiẹ̀ dání, nọ́ńbà CRC ti fáìlì kọ̀ọ̀kan wà nínú ẹ̀. Fi 7-Zip ṣí i, má tíì tú u, tẹ Test. Á ka gbogbo ẹ̀ látòkè délẹ̀, tó bá ní kò sí àṣìṣe, ó pé. Tó bá dárúkọ fídíò kan tàbí méjì pé CRC ẹ̀ ò bára mu, ibi tí ihò wà nìyẹn, àwọn tó kù ṣì dáa.

Mojí_Akẹ́kọ̀ọ́

There are no errors ló kọ. Mo ti pa ẹ̀kìstẹ́ńṣọ̀n náà báyìí torí ọ̀rọ̀ Sàlámì, ìgbà tí wọ́n bá gbé apá kejì ẹ̀kọ́ náà jáde ni mo máa tún tàn án.

Ìyá_Bọ́lá

FAT32 ni fíláàṣì mi lóòótọ́ o. Mo ti sọ ọ́ di exFAT, fáìlì 7 GB sì ti wọlé. Ọlọ́run á bù kún yín.

Dèjì_Fóldà

Ẹ dákun, mo ti ń ka gbogbo ẹ̀ bọ̀. Tèmi, fóldà ni ẹnì kan pín fún mi lórí ayélujára, tí mo bá tẹ Download wọ́n á kọ́kọ́ dì í ní síìpù lójú ẹsẹ̀, Chrome ò sì mọ àpapọ̀ ẹ̀, iye tó ti wọlé nìkan ló ń kọ. Tó bá já, láti òdo ni. Ṣé mánéjà lè gbà mí?

Túnjí_Àgbà

Kò dá mi lójú pé ó máa gbà ẹ́, Dèjì. Síìpù tí wọ́n ń dì lójú ẹsẹ̀ ò tíì wà lórí sáfà nígbà tó ò ń fà á, wọn ò mọ ibi tó máa parí sí, torí náà wọn ò lè fún ẹ ní ìyókù ẹ̀. Ṣí fóldà yẹn, fa àwọn fáìlì inú ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ìyẹn sábà máa ń ní ìwọ̀n, ó sì ń gba Resume.

Dèjì_Fóldà

Fáìlì tó wà nínú ẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀ta, fóldà sì tún wà nínú fóldà. Mo dán DownThemAll wò lórí ẹ̀, kò rí línkì kankan lójú ìwé yẹn.

Láídé_Ìlàkan

Kò lè rí i, bọ́tìnì ló pọ̀ lójú ìwé yẹn, línkì gidi ò sí níbẹ̀. Bi ẹni tó pín in bóyá ó lè di í ní síìpù fúnra ẹ̀, kó gé e sí ẹyọ 1 GB, kó gbé ìyẹn sókè. Tí kò bá lè ṣe é, sọ irú ibi tí fóldà náà wà fún wa, àwọn ibòmíràn ní ètò tiwọn tó ń bá fóldà dọ́gba pẹ̀lú kọ̀ǹpútà.